Àyọkà Rayner nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá

Àyọkà Rayner jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ní ilẹ̀ ní Èkó. Adájọ́ àgbà Èkó, T. C. Rayner, ni ó kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ lórí ìní ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1898. Ó di ìlú-mọ̀ọ́ká nígbà tí Haldane, adájọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fà á yọ nínú ìdájọ́ ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání ní ọdún 1921. Láti inú ìdájọ́ náà ni ó ti wọ inú ìwé òfin ilẹ̀ àti ìwé àkójọ àyọkà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń kà.

== Bí ẹjọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ==

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún ìlò ìjọba, lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1903. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, ẹni tí ó jẹ oyè Olúwa láàrin àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, béèrè owó ìtanràn ilẹ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó sọ pé agbára láti bójú tó ilẹ̀ nìkan ni ó ní, àti pé owó agbára yẹn nìkan ni ó tọ́ sí i. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn Ọba sì dá a láre ní oṣù Keje ọdún 1921: kí ìjọba san owó gbogbo ilẹ̀ náà, fún àǹfààní àwọn ènìyàn tí wọ́n ni ín.

== Ohun tí àyọkà náà sọ ==

Rayner sọ pé kí ẹnì kan ṣoṣo ni ilẹ̀ jẹ́ ohun àjèjì sí èrò àwọn ọmọ onílẹ̀. Àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan láéláé. Olórí ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wọn, kò sì lè fún àlejò láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń gé e kúrò, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà. Bí a bá ka ìyókù, Rayner fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn kan ń dá ilẹ̀ ní ní Èkó, ó kàn ní èrò Gẹ̀ẹ́sì ni ó fà á. Ó tún sọ pé bí ẹni tí ó gba ìwé ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba bá kú, ilẹ̀ náà a tún padà di ti ẹbí. «Láéláé» ti ìbẹ̀rẹ̀ kò dúró ṣinṣin mọ́ nígbà tí a bá dé òpin. Ẹni tí ó fẹ́ lo àyọkà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì gígékúrò wà ní ìparí rẹ̀.

== Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ìgbà wo sì ni? ==

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ «ẹ̀rí ọdún 1921» sí i ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ọdún 1898 ni, ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nígbà tí ìwé ilẹ̀ àti títa ilẹ̀ ti di àṣà níbẹ̀. Rayner ń kọ ọ́ fún ìjọba. Ó sọ pé ìrírí òun ní Èkó ni òun gbé e kà. Ìrírí adájọ́ sì ni ẹjọ́: ilẹ̀ tí ẹbí ń jà sí ni ó ń dé iwájú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dáko lé lórí ní àlàáfíà.

Haldane pẹ̀lú ní ìdí tirẹ̀ láti fà á yọ. Ó fẹ́ fi hàn pé ilé-ẹjọ́ Èkó kò mọ irú ohun tí ìní ilẹ̀ yìí jẹ́. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má fi èdè òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ìní àwọn ọmọ onílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin tí àwọn ará Yúróòpù jogún láti Róòmù ni òun náà fi ṣàpèjúwe rẹ̀ (ta ni yóò dá a lẹ́bi? Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdájọ́).

== Ibi tí ẹ̀rí náà mọ ==

Àyọkà yìí jẹ́ ẹ̀rí tí ó dára nípa bí àwọn adájọ́ amúnisìn ṣe ronú. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ pé «Ta ni ó ń pín oko ní Àpápá kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé?», kò lè dáhùn, nítorí «àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí» kì í ṣe ohun kan náà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: òun ni yóò sọ ẹni tí yóò gba owó nígbà tí ìjọba bá san án.

Kò sì gbọ́ ohùn obìnrin, apẹja tàbí ayálégbé. Ní Ajégúnlẹ̀, tí ó múlé gbe Àpápá, ọ̀pọ̀ olùgbé ni ìdílé wọn wá láti ìlú mìíràn. Nínú ọ̀rọ̀ Rayner, «àlejò» ni gbogbo wọn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sì kàn wọ́n: pé kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà kí a tó fún wọn nílẹ̀.