Wo Ihò Péálì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú péálì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ihò tí okùn gbà kọjá ni kó kọ́kọ́ wò. Awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú tó fún un. Bó bá jẹ́ ayédèrú, yóò rí ọ̀dà tó ti ń ṣí létí ihò, tí gíláàsì tàbí ike sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Irú èyí ló pọ̀ lára léèsì òde àríyá, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, àfi bí olùtajà bá pè é ní ojúlówó.

Ẹran omi tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì ló ń ṣe péálì gidi. Bí nǹkan àjèjì bá wọ̀ ọ́ lára, ohun dídán tó fi ń tẹ́ inú ìkarahun rẹ̀ ló máa fi bò ó, ìpele lórí ìpele, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ a máa wọ àárín àwọn ìpele náà kó tó ta padà. Ìdí nìyí tí dídán péálì fi dà bí ẹni pé inú ló ti ń wá. Ojú ọ̀dà nìkan ni ti ayédèrú mọ.

Ní 1893, Kokíṣì Mikimótò mú kí ẹran omi bí ìlàjì péálì ní Jàpáánù. Lóde òní, àwọn tó ń sin akóyà níbẹ̀ ń ki ìlẹ̀kẹ̀ róbótó, tí wọ́n sábà ń gbẹ́ lára ìkarahun odò Mìsìsípì ti Amẹ́ríkà, sínú ẹran náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ ẹran kékeré tí wọ́n gé lára òmíràn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí péálì bá fẹ̀ tó mìlímítà 7, tí ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 6.2, ìpele dídán tó bò ó yí ká nípọn tó 0.4, ìyẹn dára. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá jẹ́ 6.7, ó ku 0.15 péré. Ẹ yí irú rẹ̀ síwájú iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa: ilà ara ìlẹ̀kẹ̀ inú yóò máa hàn, yóò máa pòórá. Kò ní pẹ́ kí òógùn àti lọ́fínńdà tó jẹ etí ihò rẹ̀.

Ti omi odò kò ní wàhálà yẹn. Ní Ṣújì, ní Ṣáínà, ẹ̀jẹ́ ẹran nìkan ni wọ́n sábà ń fi sínú rẹ̀, ìkarahun kan sì lè so péálì 30. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ nínú irú èyí, nítorí náà ìpele dídán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ funfun báńbá bí ẹfun, torí pé nínípọn nìkan kọ́ ló ń mú péálì dán. Àfi kí ìpele náà tún tò mọ́ra gúnrégé. Nígbà òtútù ni wọ́n ń kórè akóyà, nígbà tí ìpele ń rọra tò. Ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù: bí etí àwòrán gílóòbù náà bá mú lójú rẹ̀, ó dán. Bó bá rí bàìbàì, ẹ má san owó gọbọi.

Àwọn kan máa ń fi péálì ra eyín iwájú. Ti gidi a máa ha eyín bí iyanrìn kíkúnná, ayédèrú a sì máa yọ̀. Ṣùgbọ́n eyín ò lè sọ èyí tó ṣẹ̀dá ara rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sìn. Ẹ́síréè ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀ hàn.