Rẹ́tínọ́ọ̀lù fún Ìgbà Àkọ́kọ́: Agbára Wo, Alẹ́ Mélòó, Báwo La Ṣe Ń Fi Ìpara Gbè É?

Rẹ́tínọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti rí fídíò rẹ̀ lórí fóònù: ẹnì kan ń kùn ún, nígbà tó di oṣù kẹta, ojú rẹ̀ ń dán. Ohun tí fídíò náà kì í sábà fi hàn ni ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí awọ ń bó, tó sì ń ta.

Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀sẹ̀ kejì yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Tí nǹkan bá jó wa lójú, ibẹ̀ lè jinná kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó parẹ́. Ẹni tó ra rẹ́tínọ́ọ̀lù nítorí àpá irorẹ́ lè tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àpá mìíràn sójú. Nítorí náà, kì í ṣe bí a ṣe máa tètè rí èsì ni mo fẹ́ sọ. Bí a ṣe máa lò ó tí kò fi ní jó wa ni.

Kí ni nǹkan yìí gan-an? Ọ̀kan lára ìdílé fítámìnì A ni. Kì í ṣe ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Tí a bá kùn ún, awọ ara wa ló máa yí i padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó di ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọ̀ ju tirẹtinọ́ìnì tí dókítà máa ń kọ fún èèyàn lọ, nítorí pé tirẹtinọ́ìnì kò nílò ìyípadà kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń mú kí awọ òkè tètè bọ́, kí tuntun sì tètè jáde. Àmọ́ bí awọ kò bá tíì mọ̀ ọ́n lára, òkè á bọ́ kí ìsàlẹ̀ tó múra tán. Omi á máa jáde lára awọ, á gbẹ, á sì máa ta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí agbára rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju 0.1% sí 0.3% lọ. Tí ojú yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ tuntun lásán máa ń ta, ẹ mú 0.1%. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé 1% ló máa yá. Ní ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé rẹ́tínọ́ọ̀lù tó wà nínú ìpara ojú tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.3% lọ. Ẹ tún wo ike rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn máa ń ba rẹ́tínọ́ọ̀lù jẹ́, torí náà èyí tó wà nínú túùbù tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ sàn ju èyí tó wà nínú ike tí a ń ṣí tí a ń tọwọ́ bọ̀.

Ó yá, alẹ́ mélòó? Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 26 ni, Sùúrùlérè ló ń gbé, àpá irorẹ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ra 0.2%. Kó tó kùn ún sójú, ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí fún alẹ́ mẹ́ta, ó sì rí i pé kò wú, kò sì yún.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan ló ń lò ó. Kí ló dé tó fi fi àyè sáàárín? Ìdí ni pé bíbó àti títa kì í sábà hàn lálẹ́ tí a kùn ún. Ó lè tó ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹni tó ń kùn ún lálaalẹ́ á ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sún un sí alẹ́ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, igun ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó padà sí alẹ́ méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi ìpara kún un, lẹ́yìn náà ló tún gòkè. Nígbà tó di oṣù kẹta, alẹ́ kan kọjá, alẹ́ kan lò ó ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè dúró síbẹ̀, kò pọn dandan kó di alaalẹ́.

Ìpara tí mo ní ó fi kún un yẹn ni ọ̀rọ̀ wa kàn báyìí. Ìpara tó ń mú awọ rọ̀ ni mò ń sọ, èyí tí kò ní lọ́fínńdà. Ńṣe ló máa dà bíi tìmùtìmù láàárín awọ àti rẹ́tínọ́ọ̀lù, kó má baà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọṣẹ tó rọ̀ fọ ojú. Ní alẹ́ yẹn, ẹ má lo ọṣẹ dúdú, ẹ má sì fi kànìnkànìn ha ojú. Ẹ jẹ́ kí ojú gbẹ dáadáa, torí pé rẹ́tínọ́ọ̀lù máa ń ta jù lórí awọ tútù. Ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ sí igun imú àti igun ẹnu. Ẹ kun ìpara, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá mú rẹ́tínọ́ọ̀lù tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ẹ tò ó sí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àgbọ̀n, kí ẹ tó fi kun gbogbo ojú. Ẹ má jẹ́ kó kan ìpéǹpéjú. Tí awọ yín bá gbẹ gan-an, tàbí tí ọyẹ́ bá mú, ẹ tún kun ìpara lé e lórí. Ó lè dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀, àmọ́ èyí tí ẹ lè lò fún oṣù mẹ́fà sàn ju èyí tí ẹ máa jù nù ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù? Kí awọ gbẹ díẹ̀, kó bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò burú. Àmọ́ tí omi lásán bá ń ta ojú yín, tí ojú ń gbóná, tó wú, tàbí tí apá kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ju ìyókù lọ, ẹ dá a dúró. Lórí awọ dúdú, ìbínú awọ kì í sábà pupa bí wọ́n ṣe ń fi hàn nínú fídíò. Ó lè dúdú sí i tàbí kó dà bí àwọ̀ àlùkò. Ìpara nìkan ni kẹ́ ẹ máa lò títí tí gbogbo rẹ̀ á fi rọlẹ̀, kí ẹ tó padà sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tó bá ń ṣomi tàbí tí kò rọlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà awọ.

Nǹkan mẹ́ta kù. Lówùúrọ̀, ẹ lo ìpara adènà oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, torí pé oòrùn á tún mú àpá dúdú sí i. Ẹ má da rẹ́tínọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ ìpara abóra, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ìpara mìíràn tó ń bó awọ. Tí ẹ bá sì lóyún, tàbí tí ẹ ń retí oyún, ẹ má lò ó rárá.

Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.