Bí Mo Ṣe Ń Pín Máàkì Ìtumọ̀

Máàkì 10 ni mo ń fún gbólóhùn kan: 5 fún òye tó péye, 3 fún ọ̀wọ̀, 2 fún bó ṣe dún létí. Ẹ wo èyí: nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ kan ń bi ìyá àgbà rẹ̀ bóyá ebi ń pa á.

“Màmá, ṣé ebi ń pa ẹ́?” Òye pé, ó dún dáadáa, àmọ́ a kì í fi “ẹ́” bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó gba 7.

“Màmá, ṣé ẹ jẹ́ elébi?” Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Lédè wa, ebi ló ń pa èèyàn. Ó gba 8.

“Màmá, ṣé ebi ń pa yín?” Òun ló gba 10.