Ìdajì Bíìtì: Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aago méjì kò bára mu

Ẹni tó bá ti so Arduino mọ́ kọ̀ǹpútà rí lè ti pàdé ìyọnu yìí. Ó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo, lẹ́tà náà dé ọ̀hún láìlábùkù. Ó tẹ òmíràn, ìyẹn náà dé. Ó wá fi odidi ìlà kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí Arduino kà sì di wúruwùru: lẹ́tà mélòó kan tó ṣeé dá mọ̀, àti àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀. Wáyà ò já. Iye tó yàn fún ìyára ló yàn lápá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á pààrọ̀ wáyà, wọ́n á tún póróbùráàmù kọ, bẹ́ẹ̀ bírò àti bébà ti tó láti rí ìdí ọ̀ràn náà.

Wáyà irú èyí kì í gbé aago dání. Ẹni tó ń ránṣẹ́ ní aago tirẹ̀, ẹni tó ń gbà á ní tirẹ̀. Àdéhùn tó wà láàárín wọn kò ju iye bíìtì tí yóò máa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù. Bí bọ́ọ̀dù bá jẹ́ 115200, bíìtì kan á gba 8.68 nínú ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ìdá mílíọ̀nù yẹn ni màá máa pè ní màíkírò láti ibí lọ.

Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ lórí wáyà, iná rẹ̀ á wà lókè. Bí lẹ́tà kan bá fẹ́ bọ̀, iná á wálẹ̀ fún ìwọ̀n bíìtì kan, ìyẹn bíìtì ìbẹ̀rẹ̀. Bíìtì mẹ́jọ tí lẹ́tà náà ní á tẹ̀ lé e, láti orí èyí tó kéré jù. Lẹ́yìn wọn, iná á padà sókè fún bíìtì ìdádúró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíìtì mẹ́wàá, ó sì ní orúkọ: férémù. Ẹ̀rọ tó ń gbà á máa ń ṣọ́ ìgbà tí iná bá wálẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fi aago tirẹ̀ kà, kó lè yẹ bíìtì kọ̀ọ̀kan wò ní àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tó jìnnà sí etí méjèèjì.

Nítorí náà, kò sídìí tí aago méjèèjì fi gbọ́dọ̀ dọ́gba títí láé. Gbogbo ìgbà tí bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ tuntun bá dé ni ìkà máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, àṣìṣe férémù tó kọjá kì í sì í bá wọn wọ inú èyí tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni kí wọ́n má ya ara wọn jù kí bíìtì ìdádúró tó kọjá. Àárín bíìtì yẹn jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ férémù ní ìwọ̀n bíìtì 9.5, ibi tí ẹ̀rọ sì lè ṣì dé láìbọ́ sínú bíìtì míì kò ju ìdajì bíìtì lọ. Pín ìdajì yẹn sí 9.5, wàá rí ìdá 5.26 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tó wà lápò nìyẹn, àwọn tó fẹ́ ná an sì pọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ń ná an ni ẹ̀rọ tó ń gbà fúnra rẹ̀, torí kò lè mọ ìgbà gan-an tí iná wálẹ̀. Ó ń ju ojú sí wáyà ni, kì í tẹjú mọ́ ọn. Bó bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kan péré nínú bíìtì kan, ìbẹ̀rẹ̀ tó bá gbà lè fi odidi bíìtì kan pẹ́, eré ti parí nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ṣíìpù fi ń wò léraléra. ATmega328P, ṣíìpù tó wà lórí Arduino Uno R3, ń wo wáyà nígbà 16 nínú bíìtì kọ̀ọ̀kan. Ìpẹ́ rẹ̀ láti rí ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ju ìdá kan nínú 16 bíìtì lọ. Nígbà tó bá dé àárín bíìtì, ìwò kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ló ń gbà wọlé, ohun tí méjì nínú mẹ́ta bá sì sọ ni yóò kọ sílẹ̀. Bí ariwo iná bá ba ọ̀kan jẹ́, méjì tó kù á bò ó. Ó ń lo ọgbọ́n kan náà fún bíìtì ìbẹ̀rẹ̀: bí méjì nínú mẹ́ta bá sọ pé iná ti padà sókè, á gbà pé ariwo lásán ni, kò sì ní ka lẹ́tà kankan.

Ẹni kejì tó ń ná owó náà ni ìṣirò aago. Kírísítà 16 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, tó pọ̀ lórí irú bọ́ọ̀dì yìí, kò bá 115200 ṣe rárá. Pín mílíọ̀nù 16 sí 16, torí ìwò léraléra, ó ku mílíọ̀nù kan. Ṣíìpù á wá fi nọ́ḿbà tí kò ní ìdá pín èyí láti rí bọ́ọ̀dù. Ohun tó yẹ kó fi pín in ni 8.68, ṣùgbọ́n 9 ló súnmọ́ ọn jù. Ohun tó jáde ni 111111, tó fi ìdá 3.5 lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà míì wà: kí ṣíìpù máa wò nígbà mẹ́jọ nínú bíìtì dípò 16. Mílíọ̀nù méjì á wà láti pín, 17 á pín in, bọ́ọ̀dù á sì jẹ́ 117647, tó fi ìdá 2.1 yára jù.

```
UBRR0 = 8;             // 111111

UCSR0A = (1 << U2X0);
UBRR0 = 16;            // 117647
```

Nọ́ḿbà inú kóòdù fi ọ̀kan dín sí èyí tí mo sọ nítorí pé ṣíìpù fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀kan kún un.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé 111111 délé. Bíìtì kan jẹ́ màíkírò 9 lójú ẹ̀rọ tó ń gbà, nígbà tí ẹni tó ń ránṣẹ́ ní 115200 ń fi 8.68 ṣe é. Bíìtì ìdádúró ẹni tó ń ránṣẹ́ á parí ní màíkírò 86.81. Ìwò tó máa dá ẹjọ́ rẹ̀, ìyẹn èkejì nínú mẹ́ta, lè pẹ́ dé 86.06 tá a bá fi ìpẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kún un. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin màíkírò kan. Bí aago ẹni tó ń ránṣẹ́ bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún yára, férémù rẹ̀ á parí ní 85.95, ìwò náà á sì bọ́ sínú bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló máa bà jẹ́. Ibi tí ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sí láàárín ìwò méjì kì í ṣe ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí fi máa ń wá tó sì ń lọ bí iwin.

Wíwò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ń ná owó púpọ̀ sí i lórí ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ òun ló jèrè níbí, torí nọ́ḿbà rẹ̀ súnmọ́ òótọ́ jù. Àwọn tó ṣe ṣíìpù náà ní kí àṣìṣe má ju ìdá 2 lọ fún wíwò nígbà 16, kó má sì ju 1.5 lọ fún wíwò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, torí pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń ná nínú àpò kan. 2.1 ti kọjá èyí. Kí ló wá dé tí Uno R3 fi ń ṣiṣẹ́ ní 115200 láìsí wàhálà? Ṣíìpù tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀dì náà, ATmega16U2, ń lo 16 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì bákan náà, òun náà sì ń ṣe 117647. Àwọn méjèèjì jọ ṣìnà sí ibì kan náà ni.

Ó wá kù ká mọ ìdí tí lẹ́tà kan fi ń dé tí odidi ìlà kò sì dé. Ká ní ẹ̀rọ tó ń gbà fi ìdá 5.5 lọ́ra. Bíìtì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á ṣì wọlé dáadáa, àfi ìdádúró tí yóò pẹ́ kọjá férémù. Bí ọwọ́ èèyàn bá ló ń tẹ̀ ẹ́, àlàfo á wà lẹ́yìn lẹ́tà, iná á ṣì wà lókè, ẹ̀rọ ò sì ní mọ̀ pé òun pẹ́. Nínú ìlà tó ń bọ̀ tẹ̀lé-tẹ̀lé, bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ tó kàn ló máa bá, iná á wà nílẹ̀. Á kígbe àṣìṣe férémù, ìyẹn FE0 nínú ṣíìpù wa yìí, á pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ gidi, á sì mú ìwálẹ̀ iná mìíràn láàárín lẹ́tà bí ẹni pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀. Wúruwùru nìyẹn títí àlàfo fi máa dé. Bí ẹni tó ń ránṣẹ́ bá lè lo bíìtì ìdádúró méjì, ó ti fi àlàfo sílẹ̀ nìyẹn, aláìsàn irú èyí á sì gbádùn.

Àmọ́ oògùn yẹn ò ran ẹ̀rọ tó yára jù. Bó bá yára jù, á yẹ ìdádúró wò nígbà tí bíìtì kẹjọ lẹ́tà ṣì wà lórí wáyà. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán máa ń ní òdo níbẹ̀, torí náà á máa kígbe lórí gbogbo lẹ́tà, ì báà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé lẹ́tà ẹ wa, tí UTF-8 ń fi báìtì mẹ́ta kọ, máa ń ní 1 níbi bíìtì kẹjọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ náà kò ní sọ ohunkóhun sí ẹ, á kàn máa ráhùn nípa a. Torí náà, bí lẹ́tà ẹyọ kan bá ń dé, tí ìlà sì ń bà jẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbà ló lọ́ra. Bí ẹyọ kan náà bá ń mú àṣìṣe férémù wá, ó yára jù.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n dájú, kó ní kí ẹ̀rọ máa fi lẹ́tà U, ìyẹn 0x55, ránṣẹ́, kó sì fi ọsilosíkóòpù wò ó. Bíìtì rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìdáwọ́ dúró, bíìtì mẹ́jọ gédégbé sì wà láàárín ìwálẹ̀ iná àkọ́kọ́ àti ìkarùn-ún. Ní 9600, ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ màíkírò 833. Bó bá jẹ́ 800, bọ́ọ̀dù gidi jẹ́ 10000, aago ti fi ìdá 4.2 sáré. Irú èyí kì í ṣọ̀wọ́n nínú ATmega328P tí wọn ò fún ní kírísítà, torí aago 8 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀ lè fi ìdá 10 yẹ̀ bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, ooru àti fóltéèjì sì tún lè tì í. Nọ́ḿbà kan wà tó ń jẹ́ OSCCAL tí èèyàn lè fi tún un ṣe títí yóò fi súnmọ́ ìdá kan. Ẹni tó bá lè yan kírísítà á kúkú ra 14.7456 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, torí pé bí a bá pín in sí 16, tí a tún pín in sí 8, 115200 gẹ́lẹ́ ló ń jáde.

Nínú mọ́tò, wọ́n sọ lẹ́tà U yìí di òfin. Wáyà LIN tó ń so gíláàsì fèrèsé, jígí àti àga pọ̀ gbà kí ṣíìpù kékeré tí kò ní kírísítà fi ìdá 14 ṣìnà. 0x55 ló ń ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣíìpù náà á fi aago tirẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín àwọn ìwálẹ̀ iná, á sì tún bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe títí tí àṣìṣe kò fi ní ju ìdá 2 lọ. Bí férémù míì bá tún dé, á wọ̀n ọ́n lákọ̀tun, nítorí ẹ́ńjìnnì lè ti gbóná sí i.