Ojú Ìwé Kan Tó Wà Nínú Orí

Nínú ìdánwò CCNA tí ilé-iṣẹ́ Cisco gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìwé kò wọlé, ẹ̀rọ ìṣírò kò wọlé. Pátákó tó ṣeé nù ni wọ́n sábà máa ń fúnni ní gbọ̀ngàn. Bí aago bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó múra tó ka ìbéèrè kankan, á ti kọ èyí sórí rẹ̀:

```
/25  /26  /27  /28  /29  /30
128   64   32   16    8    4
```

Ká ní wọ́n béèrè nípa 192.168.10.77/27. Abẹ́ /27, 32 ló wà níbẹ̀. Á wá máa fi 32 kà lọ: 0, 32, 64, 96. Nọ́ńbà 77 bọ́ sáàárín 64 àti 96, torí náà 192.168.10.64 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, àdírẹ́sì tó kẹ́yìn níbẹ̀ sì parí sí 95. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ewu rẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà kan bá ṣì, gbogbo ìdáhùn tó bá gbára lé e ló bàjẹ́. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nílé, orí ìwé òfìfo ni kí ẹ ti máa kọ ọ́ lójoojúmọ́; bí ó bá ń pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ohun tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.