Ìdagẹ̀rẹ́ Páìpù Ìdọ̀tí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: Ọ̀rọ̀ àti Ìwọ̀n

Oríṣi páìpù méjì ni ó ń gbé ìdọ̀tí jáde nínú ilé. Ọ̀kan dúró ṣánṣán lára ògiri. Èkejì sùn sínú ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ ilé títí dé tánkì ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé ìkọ́lé Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò fún ohun tí ó dọ́gba bí ojú omi inú àwo. Níbẹ̀ ni ìṣòro ògbufọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé ìtumọ̀ ti ìṣirò, tí ó kọ ‘páìpù títẹ́jú’ tàbí ‘páìpù tí ó dọ́gba’, bíríkìlà tí ó bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu yóò ri páìpù tí ìdọ̀tí kò ní lè kúrò nínú rẹ̀. Páìpù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ dọ́gba láéláé.

‘Páìpù ìdùbúlẹ̀’ sàn ju ‘páìpù títẹ́jú’ lọ. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lè fi orí lé ìrọ̀rí. Ìdùbúlẹ̀ kò sọ pé orí àti ẹsẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. ‘Ìrìn’ ni gígùn ilẹ̀ tí páìpù náà gbà kọjá. ‘Ìsọ̀kalẹ̀’ ni iye tí ìdí rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. ‘Ìdagẹ̀rẹ́’ ni ohun tí a rí nígbà tí a bá fi ìsọ̀kalẹ̀ wé ìrìn. A kò gbọdọ̀ pe ìsọ̀kalẹ̀ ní ‘ìṣubú’, bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lè tan ènìyàn sí i, nítorí pé páìpù tí ó ṣubú ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ìsọ̀kalẹ̀ dípò ìdagẹ̀rẹ́. Ìsọ̀kalẹ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà pọ̀ fún páìpù tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, ó sì kéré fún èyí tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ mítà 60.

Àwọn oníṣẹ́ máa ń kọ ìdagẹ̀rẹ́ báyìí: 1:40. Bí olùkọ́ bá kà á sí ‘ọ̀kan nínú ogójì’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé páìpù ogójì ni ó wà níbẹ̀, tí a sì mú ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá kà á sí ‘ọ̀kan fún ogójì’, èyíinì ni pé ìsọ̀kalẹ̀ 1 fún ìrìn 40, ọ̀ràn náà yé ni. Àṣìṣe kejì ṣe é ṣe síbẹ̀. Ẹni tí ó bá wo 40 àti 80 lè gbà pé 1:80 ni ó dagẹ̀rẹ́ jù, nítorí pé 80 ju 40 lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ní 1:80, páìpù rin ìlọ́po méjì kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ níwọ̀n kan náà, nítorí náà ìdajì ìdagẹ̀rẹ́ 1:40 ni.

Ìwọ̀n 1:40 yìí ti pẹ́. Láti ayé àwọn páìpù alámọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni òfin kan tí a ń fi orúkọ Maguire pè ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́: 1:40 fún páìpù oní-ínǹṣì 4, 1:60 fún oní-ínǹṣì 6, 1:90 fún oní-ínǹṣì 9. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní fàyè gba 1:80 fún páìpù oníke oní-sẹ̀ǹtímítà 10, bí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ó kéré tán, bá ń tú omi sínú rẹ̀. Omi tí a fi ṣan ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ sì ni ó ń ti ìgbẹ́ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere, ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Ìkòròdú ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, olúkúlùkù ilé ni ó sábà máa ń ní tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú sókàwéè, èyíinì ni kòtò tí ó ń jẹ́ kí omi tánkì wọ inú ilẹ̀ lọ. Ká ní ìrìn láti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ dé tánkì jẹ́ mítà 12, tí ìsàlẹ̀ páìpù sì wà ní 45 sẹ̀ǹtímítà nínú ilẹ̀ níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1:40, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, páìpù yóò sì wọ tánkì ní 75 sẹ̀ǹtímítà nínú ilẹ̀. Ní 1:80, ìsọ̀kalẹ̀ yóò jẹ́ 15, páìpù yóò sì wọ tánkì ní 60.

Bí oníṣẹ́ bá fún un ní 1:200, sẹ̀ǹtímítà 6 péré ni ìsọ̀kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi á ṣì máa ṣàn, ṣùgbọ́n yóò ṣàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbẹ́ àti bébà yóò dúró lójú ọ̀nà, ọ̀rá yóò lẹ̀ mọ́ wọn, tí èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì gùn wọ́n. Ewu mìíràn sì wà níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ tí ó gbẹ́ kòtò tí ó dán gbọọrọ. Bí ìsọ̀kalẹ̀ gbogbo bá jẹ́ 6, tí ọwọ́ oníṣẹ́ sì fi sẹ̀ǹtímítà 2 yẹ̀ níbì kan, apá kan páìpù náà lè máa kọjú sí ilé dípò tánkì. Ní 1:40, àṣìṣe kan náà kò tó láti dí omi lọ́wọ́.

Irú àbùkù kan wà tí ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin kò lè fi hàn. Òun ni ikùn páìpù. Oníṣẹ́ lè gbẹ́ kòtò jìn jù, kí ó fi iyẹ̀pẹ̀ tí kò kì dí i padà, kí ó sì tẹ́ páìpù lé e. Lẹ́yìn òjò kan tàbí méjì, iyẹ̀pẹ̀ náà á rì, àárín páìpù á sì yọ ikùn sísàlẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ gbogbo ṣì lè jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, síbẹ̀ adágún kékeré ti wà láàárín. Àmì rẹ̀ ni pé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀, omi inú rẹ̀ á gòkè kí ó tó wálẹ̀, dídí á sì máa wáyé níbì kan náà léraléra. Bí a bá ṣí ihò àyẹ̀wò tí a sì da garawa omi kan láti inú ilé, kò yẹ kí omi dúró nínú ọ̀nà ìṣàn rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá. Kí a tó bo páìpù tuntun, àwọn oníṣẹ́ mìíràn máa ń yí bọ́ọ̀lù kan tí ó fi díẹ̀ kéré sí ihò páìpù láti orí. Ibi tí ó bá dúró sí ni kí a tún ṣe.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan gbà pé bí ìdagẹ̀rẹ́ bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dára tó. Ìpalára èyí kò ju ti etí ọ̀sà lọ, bí ní apá Ìpakòdò ní Ìkòròdú àti ní etí omi Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, pàápàá ní àsìkò òjò. Ẹ jẹ́ kí a gbé ilé àpẹẹrẹ wa lọ sí etí omi Ẹ̀pẹ́, kí a sì ní omi abẹ́ ilẹ̀ wà ní mítà 1. Bí a bá ri páìpù ní 1:10, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà, yóò sì wọ tánkì ní 165. Ojú omi ilẹ̀ ti wà lókè rẹ̀ ní 65 sẹ̀ǹtímítà. Sókàwéè tí ó tẹ̀ lé tánkì náà yóò máa gba omi láti inú ilẹ̀ dípò kí ó fún ilẹ̀ ní omi, tánkì á kún, ìdọ̀tí á sì padà sínú ilé. Ní 1:40, páìpù wà lókè omi ilẹ̀ ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Ní 1:80, ó wà lókè rẹ̀ ní 40. Ní irú ibẹ̀, 1:80 tí a fi sùúrù ṣe ni ó yẹ. Bí àyè bá sì wà láti sún tánkì mọ́ ilé kí ìrìn di mítà 6, 1:40 yóò gba ìsọ̀kalẹ̀ 15 sẹ̀ǹtímítà náà gan-an.

Àwọn púlọ́ńbà máa ń fún ìdagẹ̀rẹ́ àpọ̀jù ní ẹ̀sùn mìíràn: pé omi yóò sáré lọ, yóò sì fi ìgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni pé ó dájú. Àyẹ̀wò tí John Swaffield àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Heriot-Watt ní Ẹdinbọ́rọ̀ ṣe fi hàn pé ìdọ̀tí líle ń rìn jìnnà sí i bí ìdagẹ̀rẹ́ ti ń pọ̀ sí i. Iye omi tí a fi ṣàn án àti fífẹ̀ páìpù tún ní ipa ńlá. Nínú páìpù tí ó fẹ̀ jù, omi náà á fẹ́lẹ́ débi pé kò ní lè gbé ohunkóhun.

Ibi tí ìyára omi ti ń ṣe ìpalára tí ó dájú ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti inú àwo ìfọwọ́ jáde. Lábẹ́ àwo náà ni páìpù ti tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, tí omi díẹ̀ sì máa ń dúró síbẹ̀ láti dènà òórùn. Bí páìpù tí ó tẹ̀ lé e bá gùn, tí ó sì dagẹ̀rẹ́ jù, omi á kún inú rẹ̀ bámúbámú, á sì fa omi ìdènà náà lọ bí ó ti ń lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ariwo gbígbẹ̀mu lẹ́yìn tí omi tán, tí òórùn sì tẹ̀ lé e, kí ó wo ibẹ̀.

Fún wíwọn ìdagẹ̀rẹ́, rọ́bà gígùn tí ojú ríran nínú rẹ̀, tí a bu omi sí, ti tó. Oníṣẹ́ á kan èèkàn sí orí àti ìdí kòtò, á sì fi ojú omi inú rọ́bà sàmì sí àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti dọ́gba. Fún ilé àpẹẹrẹ wa, á wọn 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ lára èèkàn ìdí, á sì ta okùn láti àmì orí dé ibẹ̀. Gbogbo páìpù gbọ́dọ̀ jìnnà sí okùn náà bákan náà. Láti yẹ páìpù kọ̀ọ̀kan wò, a lè mú igi olómi tí bíríkìlà fi ń mọ ìdọ́gba, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà, kí a sì fi igi pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 sábẹ́ ìdí rẹ̀ tí ó kọjú sí tánkì. Bí èéfóòfó inú rẹ̀ bá dúró sí àárín, 1:40 pé. Fún 1:80, kí igi náà nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀.

Ó hàn nínú èyí pé ìdọ́gba ni a fi ń wá àìdọ́gba tí ó tọ́. Nítorí náà, nínú ìwé ìtọ́ni, kí ‘dídọ́gba’ jẹ́ ti omi inú rọ́bà àti ti èéfóòfó, kí ‘ìdùbúlẹ̀’ jẹ́ ti páìpù, kí a sì kọ ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìrìn rẹ̀ nígbà gbogbo: ‘sẹ̀ǹtímítà 30 fún mítà 12’. Bíríkìlà tí kò ka 1:40 rí lè fi téèpù wọn èyí.