"Ẹni A Fẹ́ La Mọ̀": Òwe Ìfẹ́ Wa àti Ìbátan Rẹ̀ Nínú Èdè Mìíràn

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń múra ìgbéyàwó ní kí n bá òun wá òwe ìfẹ́ kan tí wọn yóò tẹ̀ sójú ìwé ìpè. Ó ní kí n kọ èyí tó bá a dọ́gba lédè Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn àna rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ "Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni," mo sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé ìfẹ́ fọ́jú sí abẹ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi ni a kọ́kọ́ kà á fún. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé ọkọ kò fẹ́ràn ọmọ mi ni?"

Wọ́n jàre. Apá kìíní òwe náà dájú, apá kejì ni iyèméjì wà. Ọkàn mi ni mo mọ̀. Mo lè búra pé mo fẹ́ ẹnìkan. Ọkàn ẹlòmíràn kò sí ní ìkáwọ́ mi. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá já wa kulẹ̀, tàbí nígbà tí ẹni tí a kò kà sí bá dúró tì wá lọ́jọ́ ìṣòro. Òwe ẹni tí ìfẹ́ ti kọ́ lọ́gbọ́n ni, kì í ṣe ti ojúde ìyàwó.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ tó fọ́jú kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Àléébù ẹni tí a fẹ́ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń sọ pé a kò rí. Hausa ló ní ìbátan rẹ̀ gan-an, nítorí wọ́n máa ń sọ pé ìfẹ́ kì í jẹ́ kí a rí àṣìṣe. Nínú òwe tiwa, ojú ríran dáadáa. Ọkàn ẹnìkejì ni ojú kò lè wọ̀.

Ta wá ni ìbátan òwe wa? Àwọn ará Ṣáínà ń sọ pé a lè mọ ènìyàn, kí a mọ ojú rẹ̀, kí a má mọ ọkàn rẹ̀. Èyí sún mọ́ ọn púpọ̀, àmọ́ ìkìlọ̀ nípa ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, ìfẹ́ kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Àwọn Faransé ní tiwọn ní, nínú ìfẹ́, ẹnìkan ń fẹnu koni, ẹnìkejì ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gan-an nìyí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè ló ń sọ ọ́, ó sì mọ ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó ń pa òwe tiwa wà nínú ìfẹ́ náà fúnra rẹ̀, kò sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tún wà tó ń da ìtumọ̀ rú: "fẹ́." Ó lè jẹ́ ìfẹ́ ọkàn, ó sì lè jẹ́ ìgbéyàwó. Nínú "Ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu," "fẹ́" kìíní ni gbígbé níyàwó. Èkejì ń sọ pé ẹni náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ yan wàhálà pẹ̀lú. Àwọn ará Sípéènì ní òwe tó jọ ọ́: ẹni tó ní aya arẹwà, ilé olódi ní ẹnubodè àti ọgbà àjàrà lẹ́bàá ọ̀nà, ogun kò ní wọ́n ọn. Èrò kan náà ni, àmọ́ nínú tiwọn a ka aya mọ́ dúkìá tí ọ̀tá lè jà gbà. Eré tí "fẹ́" méjèèjì ń bá ara wọn ṣe kò sì lè kọjá sí èdè wọn.

Ìyá àgbà ló wá yan òwe mìíràn fún wa: "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́." Mo yọ̀, nítorí òwe yìí ní ìbátan káàkiri. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń sọ pé ọwọ́ ń wẹ ọwọ́. Àwọn ará Ítálì fi kún un pé ọwọ́ méjèèjì a sì jọ bọ́ ojú. Síbẹ̀, ní Jámánì, ẹni tó bá pa á sábà máa ń bá àwọn tó ń ṣe ojúrere fún ara wọn lábẹ́lẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tí a ti ń lò ó ló yàtọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó so òwe méjì pọ̀, mo máa ń béèrè ẹni tó ń pa á, ẹni tó ń pa á fún, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó pa á. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, wọn kì í ṣe ìbátan, bí ọ̀rọ̀ wọn tilẹ̀ jọra.

Òwe ìyá àgbà ni a tẹ̀ sójú ìwé ìpè náà. A kò wá òwe Gẹ̀ẹ́sì kankan sí abẹ́ rẹ̀; ìtumọ̀ rẹ̀ lásán ni a kọ, ó sì yé àwọn àna.